Bí mo ṣe ka nótíìsì ọlọ́jọ́ méje fún ìyá kan ní Mọ́níyà

Fọ́tò lẹ́tà lásán ló wọlé sórí fóònù mi. Kò sí ìkíni, kò sí ìbéèrè. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà ló fi ránṣẹ́. Yàrá méjì ló háyà ní Mọ́níyà. Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìyágànkú, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ pé mo máa ń bá ènìyàn ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àtàǹpàkò ìyá bo igun òkè níbi tí déètì máa ń wà, ìsàlẹ̀ ìwé náà kò sì hàn. N kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí n kò rí. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ tún un yà látòkè délẹ̀, kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà." Ìgbà tí fọ́tò kejì dé ni mo rí i pé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà onílé ni, oṣù Keje ni wọ́n kọ ọ́, àti pé nótíìsì ọlọ́jọ́ méje ni.

Ẹni tó bá fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n fẹ́ da ẹrù òun síta. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ dáhùn, mo sì fi ohùn ránṣẹ́ kó lè gbọ́ ọ nínú ọjà: "Mà, lẹ́tà yìí kò ní kí wọ́n lé yín jáde lọ́jọ́ keje. Ohun tó ń sọ ni pé, bí ẹ kò bá kó jáde kí ọjọ́ méje tó pé, onílé yóò gba kọ́ọ̀tù lọ láti gba ilé rẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín tàbí kó ṣí páànù orí ilé láìjẹ́ pé kọ́ọ̀tù pàṣẹ."

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fi báírò kọ ọjọ́ tí lẹ́tà náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti ẹni tó mú un wá, torí ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ méje, kì í ṣe ọjọ́ tí lọ́yà kọ ọ́. Mo tún béèrè kúìtì nótíìsì, torí lẹ́tà náà sọ pé èyí tí wọ́n ti fún un ti parí ní 30 oṣù Kẹfà. Ó wá a jáde lábẹ́ ibùsùn. Oṣù Kẹta ló gbà á.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gba ìṣọ́ra. Ọdọọdún ni ìyá ń san owó ilé, ẹni tó bá sì ń san án bẹ́ẹ̀, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n fún un, àyàfi tí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Láti oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹfà kò pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a kàn jókòó tì wọ́n nìyẹn?" Mo ní rárá o. N kò tíì rí ìwé àdéhùn wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lọ́dún 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àléébù inú nótíìsì kò ní kí ayálégbé máa jókòó lọ nínú ilé nígbà tí onílé bá ti pe ẹjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sì ti dé ọwọ́ ayálégbé. Bóyá àléébù yẹn ṣì lè ran ìyá lọ́wọ́, lọ́yà ló lè sọ ọ́. Mo sọ fún wọn tààrà pé ibi tí èmi lè kà á dé nìyẹn.

Mo ní kí wọ́n kó nótíìsì méjèèjì, ìwé àdéhùn àti gbogbo rìsíìtì owó ilé dání, kí wọ́n sì lọ bá lọ́yà kí ọjọ́ méje tó pé. Mo tún kìlọ̀ fún ìyá pé kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí onílé bá gbé wá, àti pé bí ìwé tó ní òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bá dé, kó má jẹ́ kó sun ilé kí lọ́yà tó rí i. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí kò yọjú, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́yà tí wọ́n lọ bá ka àdéhùn náà, ó kọ̀wé sí lọ́yà onílé. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ìyá kó jáde ní ìparí oṣù Kọkànlá, onílé kò sì lọ sí kọ́ọ̀tù mọ́.