Bí mo ṣe kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ìrírí mi kò tíì pọ̀

Ìpolówó iṣẹ́ tí mo rí sọ pé wọ́n ń wá olùkọ́ ìṣirò fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọ tí ìpìlẹ̀ wọn kò lágbára. Gbólóhùn yẹn ni mo kọ lẹ́tà mi lé lórí. Ìwé-ẹ̀rí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, mi ò sì tíì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kankan ju ìdánrawò tí wọ́n rán wa lọ ṣe nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá yẹ ìwé ìtàn iṣẹ́ mi wò á ti rí ìyẹn fúnra rẹ̀, kò yẹ kí n tún fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìpínrọ̀ kìíní kúrú: iṣẹ́ tí mo ń wá, ìwé-ẹ̀rí tí mo ní, àti ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀.

Ìpínrọ̀ kejì ló gba àkókò. Gbogbo olùkọ́ tuntun ló lè kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn ọmọ, òun ní sùúrù, òun sì lè darí kíláàsì. Kí ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa fi ìyẹn ṣe? Mo kó àwọn nóòtì ìkọ́ni mi ìgbà ìdánrawò jáde, mo sì ń wá ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo lè fi dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni kò yé àwọn ọmọ, kí ni mo ṣe sí i, báwo ni mo sì ṣe mọ̀ pé ó ti yé wọn? Ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ èmi àtàwọn ọmọ jù kò lè dáhùn ìbéèrè kẹta, mo bá fi í sílẹ̀. Èyí tí mo mú nìyí, bó ṣe wà nínú lẹ́tà náà:

"Nígbà ìdánrawò mi, mo kọ́ kíláàsì ọmọ 34 bí a ṣe ń tú àkámọ́. Nínú ìbéèrè kúkúrú tí mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ 21 kọ ọ́ pé (x + 3)² = x² + 9. Nígbà tí a tún pàdé, mo ní kí wọ́n fi 2 rọ́pò x. Wọ́n rí i pé apá kan fún wọn ní 25, èkejì sì fún wọn ní 13. Lẹ́yìn náà, a ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ x + 3, a pín in sí mẹ́rin, wọ́n sì rí 3x méjì tí wọ́n ti gbàgbé. Nínú ìbéèrè kan náà tí mo tún fún wọn kẹ́yìn, ọmọ mẹ́fà ni kò tíì gbà á."

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ àwọn mẹ́fà yẹn kúrò, pé wọ́n ń ba ìtàn náà jẹ́. Mi ò gbà. Olùkọ́ ni yóò ka lẹ́tà yìí, olùkọ́ kò sì ní gba ẹni tó bá sọ pé gbogbo kíláàsì ló yé gbọ́.

Ìpínrọ̀ kẹta ni mo fi sọ ohun tí mi ò tíì ṣe: mi ò tíì mú kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, mi ò sì tíì múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Gbólóhùn kan péré ni. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ pé màá fẹ́ máa jókòó wo àwọn olùkọ́ àgbà tó ń kọ́ kíláàsì àṣejáde nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀.

Kí n tó kọ orúkọ olùkọ́ tó ni kíláàsì náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa jẹ́rìí mi, mo pè wọ́n, mo sì ka ìpínrọ̀ kejì sí wọn létí. "Fi kún un pé mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì nígbà tó ò ń kọ́ wọn," ni wọ́n wí. "Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn." Mo fi kún un. Gbogbo lẹ́tà náà kò ju ojú ewé kan lọ, orúkọ ọmọ kankan kò sì sí níbẹ̀.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bi mí pé, "Àwọn mẹ́fà yẹn ńkọ́?" Mo ṣàlàyé pé mẹ́rin nínú wọn kọ x² + 6x + 6: wọ́n ti rí 3x méjèèjì, àmọ́ wọ́n ro 3 pọ̀ mọ́ 3 níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn méjì tó kù ṣì wà lórí x² + 9. Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí mi, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí màá ṣe kọ́ àwọn mẹ́rin yẹn.