Bí Mo Ṣe Kọ Ẹ̀sùn Owó Tí Wọ́n Yọ Lórí Káàdì Mi

₦86,000 ni wọ́n fi káàdì mi ná láìjẹ́ pé mo mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni ọjọ́ 11 tó ṣòfò nítorí bí mo ṣe kọ ẹ̀sùn náà. Mo ti pe báńkì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta 2025, wọ́n sì ti káàdì náà pa. Ní ọjọ́ kejì, mo mú lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka wọn ní Òkè-Ìlewò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n yọ ₦86,000 lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ 21, ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀sùn sọ pé: "Mà, ẹ má bínú, a wá ₦86,000 títí, a ò rí i nínú àkáǹtì yín." Inú bí mi gidigidi. Mo gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi, mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ mi ní Ìtòkú, mo sì ń fi ìka tọ ọ́ láti ìlà dé ìlà, àfi bí mo ṣe rí i pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Kò sí ₦86,000 níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yọ owó: ₦18,500, ₦18,500 mìíràn, àti ₦49,000. Alẹ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8, ni wọ́n ná an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Ajé ni báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àròpọ̀ ni mo kọ, ọjọ́ tí mo sì kọ kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ná owó náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni báńkì ń wá owó.

Mo wá tún lẹ́tà náà kọ ní ọjọ́ 24. Mo ya owó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sí ìlà tirẹ̀: ọjọ́ àti aago tí wọ́n ná an, ọjọ́ tó wọ ìwé, iye rẹ̀, orúkọ oníṣòwò bó ṣe hàn níbẹ̀, àti nọ́ńbà ìtọ́kasí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RRN, ẹyọ nọ́ńbà 12. Èyí kò hàn nínú ìwé tèmi. Ọmọbìnrin yẹn ló bá mi wá a lórí ẹ̀rọ wọn. Òun ló ya ₦18,500 méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí ìṣẹ́jú méjì péré ló wà láàárín wọn, ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí, mo kọ ọ́ pé káàdì náà wà lọ́wọ́ mi, pé kò sí nọ́ńbà OTP kankan tó wọ fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì kọ aago tí mo ní kí wọ́n tì í pa. Nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́ àti 4 ìkẹyìn nìkan ni mo kọ lára nọ́ńbà káàdì. Mo gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, mo sì fi kún un pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé láìsí àbájáde, màá kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng.

Ní 2 Oṣù Kẹrin, ₦49,000 àti ₦18,500 kan padà wọlé. Wọ́n ní ó parí. Mo na ẹ̀dà mi sí wọn, mo fi RRN kejì hàn wọ́n, owó tó kù sì wọlé ní ọjọ́ Ẹtì.