Bí Ásíìdì Líle Bá Dà Sílẹ̀ Nínú Láàbù Ilé Ìwé

Ká ní bíkà súfúríìkì ásíìdì líle, 100 mílílítà, dà sórí ilẹ̀ tẹ̀rásò láàbù ilé ìwé kan n'Íbàdàn. Ó ki bí òróró, ó sì ń rọra tàn lọ. Bí ilẹ̀ bá ń hó wérewère, ẹ má rò pé agbára rẹ̀ ti tán: òkúta mábù inú tẹ̀rásò ló ń jẹ.

Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ ṣí fèrèsé. Bó bá ta sí ẹnì kan lára, òun lẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀, kí ẹ máa da omi púpọ̀ sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í fìgbà gbogbo yọ, ó yẹ kí dúrọ́ọ̀mù omi máa wà ní kíkún nínú láàbù. Ẹ má fi sódà tí ẹ máa fi pa ásíìdì ilẹ̀ sí ara èèyàn.

Ẹni tó máa tọ́jú ilẹ̀ á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, gíláàsì ìdáàbòbojú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sórí ásíìdì náà o! Ooru tó máa jáde pọ̀ débi pé omi á hó, á sì ta sí yín lójú.

Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ fi yí i ká, láti etí wá sí àárín. Àkísà, tíṣù àti eruku pákó kò dáa, nítorí ásíìdì yìí máa ń fa omi inú wọn títí wọ́n á fi dúdú bí èédú, wọ́n á sì gbóná. Tó bá jẹ́ náítíríìkì ásíìdì ni, wọ́n lè gbiná. Yanrìn kì í gbiná, ṣùgbọ́n kì í pa ásíìdì. Ó kàn ń gbà á mọ́ra ni.

Ohun tó ń pa á ni sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò (NaHCO₃). 100 mílílítà yìí nílò bíi 310 gíráàmù. Ẹ gbé ìdajì kílò sílẹ̀. Kì í ṣe sódà ọṣẹ o, ooru tìyẹn pọ̀ jù. Ẹ máa wọ́n ọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan láti etí. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde lára rẹ̀ tó bíi 90 lítà, nítorí náà bẹ́ ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ìhó rẹ̀ á máa ta ásíìdì káàkiri.

Bó bá dákẹ́, ẹ má tíì gbà pé ó ti parí. Sódà sábà máa ń dì bí èépá lókè, kí ásíìdì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi igi oníke tú u, kí ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bó bá tún hó, ẹ fi sódà kún un. Ẹ wá fi bébà pH kan ibi tó rin. Bó bá wà láàárín 6 sí 8, ó ti kú.

Ẹ fi pákà oníke kó o sínú korobá oníke. Ẹ má dé e pa lọ́jọ́ náà, torí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù lè ti ìdérí rẹ̀ fò. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Omi tí ẹ fi nu ilẹ̀ kẹ́yìn lè gba ojú síǹkì lọ pẹ̀lú omi púpọ̀, bí ilé ìwé bá gbà bẹ́ẹ̀ tí pH rẹ̀ sì ti dáa. Ṣùgbọ́n bí bíkà yẹn bá ti ní kọ́pà tàbí òjé nínú, korobá ni kó wà pẹ̀lú yanrìn rẹ̀, títí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà yóò fi dé.