Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá ń tún èsì Wásáàpù ṣe fún oníbàárà

Fóònù ẹni tó ń ta àǹkárá lórí Wásáàpù sábà máa ń kún fún irú èsì báyìí: "8,500." "Ó ti tán." "Sanwó ná." Nígbà tó bá fẹ́ tún wọn ṣe, ó máa ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi "ẹ jọ̀ọ́" tì wọ́n lẹ́yìn. "Ó ti tán, ẹ jọ̀ọ́" kò sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó mú un le ni pé kò sọ ìgbà tí ọjà mìíràn ń bọ̀, kò sì sọ ohun tí ènìyàn lè rà dípò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìbéèrè tí èsì kọ̀ọ̀kan ń dáhùn pín wọn. Bí èsì bá tó ogún, ìbéèrè inú wọn lè má ju mẹ́rin márùn-ún lọ: iye owó, bóyá ọjà wà, bí a ṣe ń sanwó, ìgbà tí ẹrù yóò dé. Ẹ wá kọ èsì kan fún ìbéèrè kan. "8,500" yóò di:

"Ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. ₦8,500 ni yáàdì mẹ́fà àǹkárá yìí, owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Àdúgbò wo ni ká gbé e wá?"

"Ó ti tán" náà yóò di:

"Ẹ má bínú, aláwọ̀ aró ti tán. Pupa ṣì wà. Ṣé ká fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́?"

Ẹ má fi "ẹ káàárọ̀ mà" sínú èsì tí ẹ fẹ́ fi pamọ́, torí yóò bá ọkùnrin lálẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ẹni méjì bá ń dáhùn lórí fóònù kan náà, kí ẹnì kan má máa kọ "ẹ" kí èkejì máa kọ "o".

Nínú WhatsApp Business, abẹ́ `Business tools` ni `Quick replies` wà. Bí ẹ bá fún èsì ní orúkọ bíi `/iye`, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níbi ìkọ̀wé, ó máa jáde kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kì í fi orúkọ oníbàárà tàbí iye owó sí i fúnra rẹ̀ o. Àwọn kan máa ń fi iye owó pamọ́ sínú rẹ̀. Ọjà gbówó lórí, èsì ò yí padà, oníbàárà sì di iye àtijọ́ mú. Ó sàn kí ẹ kọ "₦____". Bí ẹ bá gbàgbé láti kún un, ìtìjú díẹ̀ ni, kì í ṣe àdánù.

Tí ẹ bá tún ti tan `Greeting message`, ó máa ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sí yín, àti ẹni tó ti dákẹ́ fún ọjọ́ 14. Bí èsì yín náà bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kí onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ẹ yọ ọ̀kan.

Èsì sí ẹni tó ní aṣọ òun ya kò yẹ nínú àkójọ yìí rárá. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́, kí ẹ dárúkọ aṣọ náà, ọjọ́ tó rà á, àti ohun tí ẹ máa ṣe: ṣé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí ẹ máa dá owó padà.