Kíkọ ètò tí yóò dín ìṣubú aláìsàn kù ní wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo, bí ẹ bá ń kọ ètò láti dín ìṣubú aláìsàn kù ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà, ẹ má ṣe ti orí ojútùú bẹ̀rẹ̀; ẹ kọ́kọ́ wo bí ìṣòro náà ṣe tó. Iye ìṣubú nìkan kò tó, nítorí oṣù tí wọ́ọ̀dù kún kò jọ oṣù tí bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Ẹ máa ka àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òru kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀. Ká ní ó jẹ́ 2,400 láàárín oṣù 3, tí ìṣubú 6 sì ṣẹlẹ̀; bí ẹ bá pín 6 sí 2,400, tí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 1,000, ẹ ó rí 2.5, ìyẹn iye ìṣubú nínú gbogbo 1,000 òru tí aláìsàn lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àkọsílẹ̀ ìṣubú kọ̀ọ̀kan. Bí 4 nínú wọn bá jẹ́ ti àwọn tó dá dìde lọ tọ̀ lóru, bíi bàbá tó di ọ̀pá omi tí a fà sí i lára mú tó fi yọ̀ ṣubú, ẹ wò ó bóyá ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kí ẹ sì bá dókítà sọ ọ́.

Ẹ wá kọ ọ́ pé: “A ó mú 2.5 wá sí 1.5 láàárín oṣù 6, nípa bíbi àwọn aláìsàn léèrè ní wákàtí méjì-méjì lóru bóyá wọ́n fẹ́ tọ̀.” Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lọ́dọ̀ aláìsàn kan ní alẹ́ kan, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tí a bi aláìsàn léèrè ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì mọ̀ pé iye ìṣubú lè kọ́kọ́ ga, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í kọ ìṣubú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìbáwí yóò wá máa kọ ọ́ sílẹ̀.