Bí aránṣọ tó ní ẹ̀rọ mónógírààmù kan ṣoṣo ṣe lè to iṣẹ́ kí wọ́n má forí gbárí

Ká sọ pé ẹ̀rọ mónógírààmù kan àti máṣíìnì ìránṣọ kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí aṣọ mẹ́rin sì wà nílẹ̀. Ẹ ti gé gbogbo wọn. Mónógírààmù ló ṣáájú, rírán ló tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ kọ wákàtí tí aṣọ kọ̀ọ̀kan máa gbà lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ibí yìí ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ aránṣọ lọ́wọ́. Àkókò tí abẹ́rẹ́ fi ń gún aṣọ nìkan ni wọ́n máa ń kà, wọn kì í ka ti pípààrọ̀ òwú, ti òwú tó ń já, àti ti fífi aṣọ sínú férémù. Tí ẹ bá kọ wákàtí 4 fún agbádá tó máa gba 6, gbogbo aṣọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa pẹ́, ẹni tó yẹ kó máa rán aṣọ á sì jókòó láìníṣẹ́. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ wákàtí náà sínú ìwé ìwọ̀n oníbàárà. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Agbádá gba 6 ní mónógírààmù, 4 ní rírán. Bùbá àti ṣòkòtò gba 1 àti 3, kaftáànì 2 àti 5, dàńṣíkí 3 àti 1.

Ẹ wá iye tó kéré jù. Tó bá jẹ́ ti mónógírààmù, aṣọ yẹn ni kó ṣíwájú. Tó bá jẹ́ ti rírán, òun ni kó kẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún wò lára ìyókù. Láti 1954 ni onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Johnson ti gbé ìlànà yìí jáde. Bùbá á ṣíwájú, kaftáànì á tẹ̀ lé e, agbádá, kí dàńṣíkí tó kẹ́yìn. Wákàtí 14 ni gbogbo rẹ̀ á parí. Ẹni tó bá ti agbádá bẹ̀rẹ̀, tó wá ṣe dàńṣíkí, kaftáànì àti bùbá tẹ̀ lé e, 19 ló máa lò.

Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, íǹṣì kan fún wákàtí kan. Tépù yín ti tó. Ẹ tò wọ́n ní ìlà méjì lórí tábìlì. Páálí méjì kò gbọ́dọ̀ gun ara wọn lórí ìlà kan, páálí rírán kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ti mónógírààmù aṣọ náà tó parí. Ṣọ́ọ̀kì lórí ògiri náà lè ṣe é, àmọ́ páálí ṣeé sún láìpa nǹkan rẹ́.

Ìlànà yìí kò mọ ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba aṣọ. Tí ẹ bá gbé agbádá ṣáájú kaftáànì, á jáde ní wákàtí kọkànlá dípò ìkẹtàlá, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ á parí ní 17. Ẹ rò ó kí ẹ tó gbà. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sún. Ẹ má yọ agbádá kúrò nínú férémù láàárín iṣẹ́ nítorí aṣọ ẹlòmíràn. Ó ṣòro kí ó tún padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọ̀nà á sì wọ́.