Bí mo ṣe gbé ẹ̀dà tuntun áàpù ìwé gbèsè jáde fún ìdá 5 nínú 100 ní Abẹ́òkúta

Áàpù kékeré kan ni mo kọ fún àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ oníbàárà, iye yáàdì tí ó gbà, àti owó tí ó kù lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò ọjà Kútọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn ará ìlú mìíràn sì tẹ̀lé wọn, títí tí àwọn tí ń lò ó fi tó bí 4,000. Orí fóònù ẹni kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀dà tuntun tí mo fẹ́ gbé jáde, èyí tí `versionCode` rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, jẹ́ 31, yóò yí ètò àkọsílẹ̀ yẹn padà láti ètò kẹrin sí ètò karùn-ún, kí àyè lè wà fún owó tí oníbàárà ń san díẹ̀díẹ̀. Bí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ bá yíwọ́, ìwé gbèsè odindi ṣọ́ọ̀bù ni ó wà nínú ewu.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé ibi tí Play Console, ojú ewé tí a ti ń gbé áàpù jáde sórí Play ti Google, ti ń béèrè iye ènìyàn tí ó yẹ kí ẹ̀dà náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdá 5 nínú 100 ni mo kọ síbẹ̀, ìyẹn bí ènìyàn 200. Èmi kọ́ ni mo yan àwọn 200 náà. Google ni ó ń ṣà wọ́n láìtẹ̀lé ètò kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé òun ni ó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn yòókù ń bá ẹ̀dà àtijọ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò ṣeé ṣe láti gbé áàpù jáde lọ́nà báyìí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé orí Play, nítorí kò tíì sí ẹ̀dà àtijọ́ tí àwọn yòókù yóò máa lò.

Ohun tí n kò kọ́kọ́ fiyè sí ni pé yíyàn ọ̀tọ̀, dídé ọ̀tọ̀. Fóònù tí a yàn kì í gba ẹ̀dà tuntun lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tí ó ni ín kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, fóònù sábà máa ń dúró títí yóò fi rí Wáì-Fáì, tí yóò wà lórí iná, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní máa lò ó. Ẹni tí ó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Abẹ́òkúta, tí ó sì mọ̀ pé dátà tí a ń rà ní díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń lò, yóò mọ̀ pé èyí lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ kìíní, fóònù 61 péré ni ẹ̀dà 31 dé, kò sì kú, ìyẹn kí ó ṣàdédé pa dé, lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ní ọjọ́ kejì ó di 118, ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti sọ ìdá 5 di 20, ṣùgbọ́n mo ní kí n fi ọjọ́ kan kún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìyá kan pè mí láti Ìtòkú. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé gbèsè mi kò ṣí mọ́ o. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á yọjú, á sì pa rẹ́.” Mo bi í bóyá ó ti yọ áàpù náà kúrò, ó ní rárá, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá bá òun yọ ọ́ kí ó tún un gbé sí i. Mo ní, “Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó yọ ọ́ o. Bí ó bá yọ ọ́, gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.”

Mo ṣí Android vitals, níbi tí Play Console ti ń ka iye ìgbà tí áàpù kú. Bí mo ṣe wo gbogbo áàpù lápapọ̀, kò sí ohun tí ń dẹ́rù bani: ènìyàn 7 ni ó kú mọ́ lọ́wọ́, nínú 4,000, kò sì tó ẹnì kan nínú 500. Ìgbà tí mo wá ya ẹ̀dà 31 nìkan sọ́tọ̀ ni ojú mi là. Fóònù 163 ni ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, 7 nínú 163 sì ju ẹnì kan nínú 25 lọ. Àwọn tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun ni wọ́n bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí:

```
A migration from 3 to 5 was required but not found.
```

Ọwọ́ mi ni ó ti wá. Room, tí ń bá mi tọ́jú àkọsílẹ̀, lè gba ètò kẹta kọjá sí ìkẹrin, kí ó tó bọ́ sí ìkarùn-ún, bí kóòdù ìpele méjèèjì bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń palẹ̀ kóòdù mọ́, mo ti pa kóòdù ìpele kìíní rẹ́, mo rò pé kò sí ẹni tí ó ṣì wà lórí ètò kẹta. Gbogbo fóònù tí mo fi dán an wò ti wà lórí ètò kẹrin. Àwọn tí ó ṣì wà lórí ètò kẹta ni àwọn tí fóònù wọn kì í sábà rí Wáì-Fáì, àwọn yìí náà ni ẹ̀dà 31 sì dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn. Bí mo bá ti gbé e sí ìdá 20 ní ọjọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tí dátà wọn pọ̀ ni ǹ bá fi ṣe ẹ̀rí.

Mo tẹ `Halt rollout`. Èyí kò gba ẹ̀dà náà padà lọ́wọ́ àwọn 163. Ó kàn dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù ni. Android kì í sì í gbà kí a fi ẹ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré lé èyí tí ó pọ̀, nítorí náà iwájú nìkan ni mo lè lọ, ìyẹn ẹ̀dà 32. Room fúnra rẹ̀ dábàá `fallbackToDestructiveMigration` nínú ìkìlọ̀ rẹ̀, èyí tí ìbá dá ìkú áàpù dúró lóòótọ́, nípa nínu gbogbo àkọsílẹ̀ nù. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá kóòdù tí mo pa rẹ́ padà:

```
.addMigrations(MIGRATION_3_4, MIGRATION_4_5)
```

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀dà àtijọ́ tí ó ń lo ètò kẹta sórí fóònù kan, mo kọ gbèsè oníbàárà mẹ́wàá sí i, mo sì gbé ẹ̀dà 32 lé e lórí.

Ó ku bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá. Nítorí pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọn tirẹ̀ tí a ń ṣà lákọ̀tun, ó ṣeé ṣe kí ó má bọ́ sínú ìdá 5 ti ẹ̀dà 32. Mo fi í sínú àwọn olùdánwò ní `Internal testing`, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, mo sì lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣí áàpù náà, ó ń fi ìka wo orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀, ó ní, “Ẹni tí ó jẹ mí ní yáàdì méjìlá nìyí. Mo ti rò pé ó ti bọ́.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ẹ̀dà 32 sí ìdá 5, kí ó tó di 20. Kì í ṣe àṣejù: àṣìṣe tí ó ń bá ẹnì kan nínú 1,000, bí ènìyàn 200 bá tilẹ̀ gbà á, ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún ni kò ní yọjú rárá. Láàárín 800, ó fi díẹ̀ ju ìlàjì lọ tí yóò fi yọjú. Nígbà tí kò sí ìkú tuntun kankan lórí ẹ̀dà 32 nìkan, mo gbé e sí 50, lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo sì gbé e sí 100.